Ẹgbẹ̀rún Mẹ́wàá Ló Gba Áàpù Náà, Mélòó Ló Ra Ọjà?

Ní ọdún 2017, iléeṣẹ́ Uber, àwọn tó ń lo áàpù láti bá èrò wá ọkọ̀, ń ná owó gọbọi lórí ìpolówó. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ìpolówó náà ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹni tó bá rí i tẹ̀ ẹ́, kó sì gba áàpù Uber sórí fóònù rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń jẹ́ Sleeping Giants ń yọ àwọn iléeṣẹ́ ńlá lẹ́nu pé kí wọ́n yéé gbé ìpolówó wọn sí ìkànnì ìròyìn Breitbart. Uber sọ fún àwọn tó ń bá a polówó pé kí wọ́n yọ Breitbart kúrò nínú ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Síbẹ̀, ìpolówó Uber ṣì ń jáde níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa rẹ̀ tí wọ́n fi bá nǹkan tó jù ú lọ. Wọ́n dá owó ìpolówó kan dúró, wọ́n retí pé iye àwọn tó ń gba áàpù yóò wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Wọ́n tún dá òmíràn dúró, nǹkan kan ò ṣe. Kevin Frisch, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ìpolówó ní Uber nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé nínú nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù dọ́là tí àwọn ń ná lọ́dún, àwọn dá 100 mílíọ̀nù dúró, iye èrò tó ń gba áàpù kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Àwọn tí wọ́n ti ń kà sí abẹ́ ìpolówó tẹ́lẹ̀ ló wá ń wọlé lábẹ́ àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn wá. Uber gbé Fetch Media, iléeṣẹ́ tó ń bá a polówó, lọ sí kóòtù ní Kalifọ́níà lọ́dún náà. Fetch ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òun, pé gbèsè tí Uber jẹ òun ni kò fẹ́ san.

Ẹnikẹ́ni ì báà jàre, ohun tí Uber rí kò mọ sọ́dọ̀ olówó. Ẹni tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà lórí áàpù n'Ìbàdàn náà máa ń gba irú àbọ̀ iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a polówó bí oṣù bá parí: nọ́ńbà kan wà lókè ìwé, wọ́n fi lẹ́tà gàgàrà kọ ọ́, pé ènìyàn báyìí ló gba áàpù yín. Nọ́ńbà yẹn dùn ún wò. Òkè ló máa ń lọ, kì í wálẹ̀, nítorí pé ẹni tó gba áàpù láàárọ̀ tó sì yọ ọ́ dànù lálẹ́ kò jáde kúrò nínú rẹ̀. Ó sì ṣeé fowó rà. Bí o bá fẹ́ kó di ìlọ́po méjì lóṣù tó ń bọ̀, àwọn kan wà tí wọn yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì fún ọ, wọn ò sì ní béèrè bóyá ọjà tà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Mo hùmọ̀ àwọn iye inú rẹ̀ ni, kí ìṣirò rẹ̀ lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Áàpù kan ń ta oúnjẹ tútù: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, òróró, tòmátò inú agolo. Ọlọ́kadà ló ń gbé e dé ilé oníbàárà. Ẹni tó ni ín ya mílíọ̀nù mẹ́rin náírà sọ́tọ̀ fún ìpolówó oṣù kan, ó sì pín in sí méjì dọ́gba. Ìlàjì kan lọ sínú àwọn áàpù géèmù tó ń fún ènìyàn lẹ́bùn: gba áàpù yìí, ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré, a ó fún ọ ní káàdì ìpè. Ìlàjì kejì lọ sí ìpolówó tó ń jáde nígbà tí ènìyàn bá ń wá ibi tí yóò ti ra oúnjẹ lórí Google. Ká pe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀nà ẹ̀bùn, ká pe èkejì ní ọ̀nà ìwákiri.

Nígbà tí oṣù parí, ọ̀nà ẹ̀bùn ti mú 10,000 ènìyàn wá, ọ̀nà ìwákiri mú 2,500. Bí a bá fi iye ènìyàn pín owó tí a ná, ẹnìkọ̀ọ̀kan ná wa ní ₦200 ní ọ̀nà ẹ̀bùn, ó ná wa ní ₦800 ní ọ̀nà ìwákiri. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìpàdé máa ń parí sí. Ẹnì kan á ní ₦200 kéré sí ₦800, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo owó lọ sí ọ̀nà ẹ̀bùn lóṣù tó ń bọ̀. Ìṣirò yẹn kò ṣì, iye tí ẹyọ kan ná wa nìyẹn lóòótọ́. Àmọ́ ẹyọ kí ni a rà?

Láti mọ̀ ọ́n, a ní láti tọ àwọn ènìyàn náà lẹ́yìn. Ọjọ́ tí ẹnì kan gba áàpù ni a ń pè ní ọjọ́ òdo, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọjọ́ 1. A ó kó gbogbo àwọn tó wọlé ní ọjọ́ kan náà láti ọ̀nà kan náà sínú agbo kan, a ó wá máa wò ó pé mélòó nínú agbo yẹn ló tún ṣí áàpù ní ọjọ́ 1, ní ọjọ́ 7, àti ní ọjọ́ 30. Kò yẹ kí a da agbo oríṣiríṣi pọ̀. Bí ìpolówó bá ń mú ènìyàn tuntun wọlé lójoojúmọ́, àpapọ̀ àwọn tó ń ṣí áàpù lè máa gòkè kí agbo kọ̀ọ̀kan sì máa kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó bá ń wo àpapọ̀ nìkan kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tí owó ìpolówó yóò tán.

Nínú àpẹẹrẹ wa, 1,200 nínú àwọn ọ̀nà ẹ̀bùn ló padà wá ní ọjọ́ 1, ìyẹn 12 nínú 100. Ní ọ̀nà ìwákiri, 900 ló padà wá, 36 nínú 100. Ọ̀nà ẹ̀bùn ṣì fi orí síwájú. Ní ọjọ́ 7, ti ẹ̀bùn ti di 400, ti ìwákiri jẹ́ 500. Ní ọjọ́ 30, 100 ló kù nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, 250 ló kù nínú 2,500. Bí a bá wá fi àwọn tó kù ní ọjọ́ 30 pín mílíọ̀nù méjì, ẹni kan tó dúró láti ọ̀nà ẹ̀bùn ná wa ní ₦20,000, ti ọ̀nà ìwákiri ná wa ní ₦8,000. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ti wá di ọ̀nà ọ̀wọ́n.

Kò sí àdììtú kankan nínú ìdí tí àwọn ẹni ẹ̀bùn fi lọ. Káàdì ìpè ni wọ́n wá gbà, wọ́n sì ti gbà á. Fóònù tí ọ̀pọ̀ ń lò kò láyè púpọ̀ nínú. Bí fídíò òde àríyá ọjọ́ Sátidé bá kún un láti orí WhatsApp, tí fóònù ní kò sáyè mọ́, áàpù tí a kò lò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a kọ́kọ́ ń yọ. Ẹni tó ń wá ìrẹsì tẹ́lẹ̀ kò ní tètè yọ áàpù tó ń ta ìrẹsì.

Ohun kan wà tí mo rí i pé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń fojú fò. Wọ́n á gbọ́ pé ọjọ́ 1, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 30 ni gbogbo ayé ń wò, wọ́n á sì fi wọ́n wọn ohun gbogbo. Géèmù ni ènìyàn ń ṣí lójoojúmọ́. Ta ló ń ra àpò ìrẹsì lójoojúmọ́? Ọ̀pọ̀ ìdílé ń ra ọjà ńlá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tí owó oṣù bá wọlé, wọ́n á sì máa ra àwọn ohun kéékèèké láàárín. Fún irú áàpù yìí, ẹni tí kò ṣí i ní ọjọ́ 7 lè má tíì lọ síbì kankan. Ohun tó yẹ ká béèrè ni bóyá ó padà wá ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e. Nítorí ìdí yìí kan náà, agbo tó wọlé ní ọjọ́ 27 oṣù kì í ṣe ẹgbẹ́ agbo tó wọlé ní ọjọ́ 12. Èyí àkọ́kọ́ bá owó lọ́wọ́ ara rẹ̀, èkejì ń fẹ̀yìn ti ògiri de owó oṣù. Ẹni tó bá fi ìpolówó kan wé òmíràn láìwo ọjọ́ oṣù, kàlẹ́ńdà ló ń wọ̀n.

Wàyí o, ọjà. Láàárín oṣù àkọ́kọ́, ènìyàn 60 nínú àwọn ọ̀nà ẹ̀bùn ra nǹkan, àpapọ̀ ohun tí wọ́n rà jẹ́ ₦540,000. Ènìyàn 200 ra nǹkan láti ọ̀nà ìwákiri, àpapọ̀ tiwọn jẹ́ ₦4,200,000. A ná mílíọ̀nù méjì, ọjà mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ ló tà. Wọ́n lè pàtẹ́wọ́ níbi ìpàdé, kí ẹni tó ṣe ìpolówó sì sọ pé náírà kan mú náírà méjì wá.

Kò mú un wá. Iye ọjà tí ènìyàn rà kì í ṣe iye tó wọ àpò olówó ọjà. Nínú ₦4,200,000 yẹn, owó ìrẹsì tí a rà lọ́wọ́ alátapọ̀ wà níbẹ̀, owó ọ̀rá, owó ọlọ́kadà, owó tí báǹkì yọ lórí káàdì, àti ti ọjà tí oníbàárà dá padà. Ká ní náírà 15 ló ṣẹ́ kù nínú ọgọ́rùn-ún, èrè oṣù àkọ́kọ́ ní ọ̀nà ìwákiri jẹ́ ₦630,000. Ní ọ̀nà ẹ̀bùn, ₦81,000 ni. Àwọn méjèèjì ló gbé wa ṣubú lóṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń ta ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn, bí orin tàbí ìpele tuntun nínú géèmù, á tún rántí pé Apple àti Google máa ń yọ ìpín tiwọn kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Lórí ìrẹsì, wọn kì í yọ ọ́.

Kí ló wá dé tí a ó ṣì máa ṣe ọ̀nà ìwákiri? Nítorí àwọn tó dúró. Ká wo àwọn olùrà 200 yẹn bí oṣù ti ń lọ, ká sì fi í sí i pé ẹnìkọ̀ọ̀kan tó bá ra ọjà ń ra ₦21,000 lóṣù, èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦3,150. Lóṣù kejì, 150 ló tún rà. Lóṣù kẹta, 130. Lóṣù kẹrin, 120. Lóṣù karùn-ún, 115. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lọ: àádọ́ta lọ, lẹ́yìn náà ogún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà márùn-ún. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ti lọ tán, àwọn tó kù ti sọ ọ́ di ọjà tiwọn. Bí a bá ṣírò èrè oṣù márààrún pọ̀, ó jẹ́ ₦2,252,250. Owó ìpolówó ti padà láàárín oṣù karùn-ún, ohun tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ló ń di èrè.

Ibi tí ìdínkù yẹn ti dúró ni mo fi ń mọ ìpolówó tó dára, ju nọ́ńbà èyíkéyìí mìíràn lọ. Bí agbo kan bá ń dín kù láìdúró títí yóò fi kan òdo, kò sí bí ìpolówó rẹ̀ ṣe lè pọ́ọ́kú tó tí yóò sàn padà, àfi bí èrè ọjọ́ àkọ́kọ́ bá ju owó tí a fi mú ẹni náà wá lọ. Ní ọ̀nà ẹ̀bùn, kódà bí gbogbo àwọn 60 yẹn bá dúró tí wọ́n sì ń ra iye kan náà lóṣooṣù, yóò gbà ju ọdún méjì lọ kí mílíọ̀nù méjì tó padà. Wọn kò sì ní dúró.

Èrè náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ká ní náírà 8 ló ń ṣẹ́ kù nínú ọgọ́rùn-ún dípò 15, tí àwọn 115 yẹn kò sì lọ mọ́, oṣù kẹwàá ni owó ọ̀nà ìwákiri yóò tó padà. Ìpolówó kan náà ni, àwọn oníbàárà kan náà ni. Ẹni tí kò bá ní owó tí yóò fi ra ọjà fún oṣù mẹ́wàá ti kógbá wọlé kí ìpolówó rere tó san án lẹ́san. Nítorí náà ni kò fi sí iye kan tí a lè sọ pé òun ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni san fún ẹni tó gba áàpù. ₦800 lè pọ̀ jù fún alágbàtà kan kó sì kéré fún òmíràn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìṣirò ìpín dọ́gba. ₦540,000 tí àwọn 60 ọ̀nà ẹ̀bùn rà, bí a bá pín in, ó jẹ́ ₦9,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kò sì burú. Àmọ́ nígbà tí a ṣí ìwé rẹ̀ wò, olóúnjẹ kan tó ń se àsè ìgbéyàwó ra ìrẹsì àti òróró ₦300,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá yọ ọ́, àwọn 59 yòókù ra ₦240,000, kò ju nǹkan bíi ₦4,068 lọ lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lọ fi ₦9,000 ṣe ètò ìpolówó oṣù tó ń bọ̀, olóúnjẹ kan ló gbójú lé, ẹni tó sì ṣeé ṣe kó má tún ní àsè mìíràn láti sè títí ọdún fi máa parí.

Títí dé ibí yìí, a ti gbà pé ọ̀nà tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹnì kan ni ọ̀nà tó bá wọlé lóòótọ́. Ohun tí Uber bá pàdé nìyẹn. Bí ìṣirò ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: bí ẹnì kan bá gba áàpù, ẹ̀rọ tó ń ka ìpolówó á wẹ̀yìn, á wá ìpolówó tí fóònù yẹn tẹ̀ kẹ́yìn láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ méje lọ́pọ̀ ìgbà, á sì fi oyè fún ẹni tó gbé ìpolówó yẹn jáde. Ẹni tó tẹ̀ kẹ́yìn ló jẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì mọ òfin yìí dáadáa. Áàpù tọ́ọ̀ṣì kan tó wà lórí fóònù rẹ lè máa rán ìròyìn títẹ̀ tí o kò tẹ̀ jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lórúkọ oríṣiríṣi ọjà. Bí o bá wá gba ọ̀kan nínú àwọn ọjà yẹn fúnra rẹ lọ́jọ́ kẹta, áàpù tọ́ọ̀ṣì ló mú ọ wá nínú ìwé. Ó dà bí ẹni tó dúró ní ẹnu ọ̀nà ọjà Bódìjà tó ń pín bébà fún gbogbo ẹni tó ń wọlé, tó wá lọ gba owó lọ́wọ́ ìyálọ́jà pé òun lòun kó gbogbo èrò ọjà wá.

Irú kejì burú jù. Lórí Áńdírọ́ìdì, áàpù tó wà lórí fóònù lè gbọ́ nígbà tí áàpù tuntun bá ń wọlé. Áàpù oníjìbìtì á dúró de ìkéde yẹn, á wá rán ìròyìn títẹ̀ kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ènìyàn tó ṣí áàpù tuntun náà. Òun ló tẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tó ń dà ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú níbí ni pé àwọn oníbàárà tí irú jìbìtì yìí jí dára gan-an. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n gbé wá, wọ́n ń dúró, wọ́n ń ra ọjà. Bí o bá ń wo àwọn tó dúró àti ohun tí wọ́n rà nìkan, olè yẹn ni yóò dà bí olùpolówó tó dára jù lọ lọ́dọ̀ rẹ.

Àkókò ló ń tú wọn fó. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n ní ẹnì kan tẹ ìpolówó sílẹ̀, kí ẹ sì kọ wákàtí tó kọ́kọ́ ṣí áàpù. Lọ́dọ̀ ènìyàn gidi, èyí tó pọ̀ jù á wà láàárín wákàtí kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àkókò náà bá tẹ́ rẹrẹ láti wákàtí kìíní títí dé ọjọ́ keje, tí títẹ̀ sì pọ̀ bí iyanrìn tí àwọn tó gba áàpù kò tó nǹkan, ẹni tó ń pín bébà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Bí ó bá sì kúrú jù, bí wọ́n bá ní ènìyàn tẹ̀ ẹ́, ó gba áàpù tó wúwo tó 60 mẹ́gábáìtì, ó sì ṣí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ bi ara yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìparí ọdún 2017, Google Play fúnra rẹ̀ ti ń fún oní-áàpù ní àkókò tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gba áàpù. Títẹ̀ tó bá wáyé lẹ́yìn ìgbà tí áàpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kò lè jẹ́ òun ló fà á.

Síbẹ̀, àkókò kò lè tú gbogbo rẹ̀ fó, nítorí kì í ṣe jìbìtì nìkan ló ń gba oyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ padà wo ọ̀nà ìwákiri wa. Nínú àwọn 2,500 yẹn, àwọn kan ń tẹ orúkọ áàpù náà gan-an sínú Google. Aládùúgbò wọn ló sọ fún wọn. Ìpolówó wa jáde lókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nítorí òun ló sún mọ́ ìka, a sì san owó lórí ẹni tó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí Uber ṣe ló lè fi èyí hàn: kí a pa ìpolówó, ká wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe dandan kí a pa á níbi gbogbo. A lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Òṣogbo àti Abẹ́òkúta, ká fi í sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́, ká ti mọ tẹ́lẹ̀ bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn kí a tó dá a dúró. Gbogbo àwọn tó gba áàpù ni a ó kà, àti gbogbo ọjà tó tà, láìwo ẹni tí wọ́n ní ó mú wọn wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo sọ kí ìparí oṣù kan lè bọ́ sínú rẹ̀. Bí ó bá hàn pé nínú ènìyàn 2,500 tí ìpolówó ń gba oyè lé lórí, 1,500 péré ni kò bá má wá láìsí i, owó orí ẹnì kan kì í ṣe ₦800 mọ́, ₦1,333 ni. Gbogbo ìṣirò oṣù karùn-ún tí a ṣe lókè á sì sún síwájú.

Ìlú kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé lò fún ìdánwò yìí. Bí ènìyàn mẹ́wàá péré bá ń gba áàpù lọ́sẹ̀ kan ní ìlú kan, òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ méjì lè ṣe ohun tí a ó rò pé ìpolówó ló ṣe é.

Lórí àwọn fóònù Apple, nǹkan yàtọ̀ díẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021, pẹ̀lú iOS 14.5, áàpù ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù kó tó lè tọ ọ́ lẹ́yìn láti áàpù kan dé òmíràn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń sọ pé rárá. Apple ní ọ̀nà tirẹ̀, SKAdNetwork, tó ń fún olùpolówó ní ìròyìn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 lè mú ìròyìn mẹ́ta wá: ti ọjọ́ 0 sí 2, ti ọjọ́ 3 sí 7, àti ti ọjọ́ 8 sí 35. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 35 kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ń padà lóṣù karùn-ún kò lè rí i níbẹ̀, ìwé ọjà tirẹ̀ ni yóò máa wò, àti irú ìdánwò ìlú sí ìlú tí mo sọ yẹn.

Ó ku àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń báni polówó. Bí a bá ń sanwó lórí gbígba áàpù, gbígba áàpù ni wọn yóò kó wá. Àwọn kan ti gbọ́n sí èyí, wọ́n ní orí ẹni tó bá ra ọjà ni àwọn yóò máa sanwó. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ bí owó tí a ń san lórí olùrà kan bá jẹ́ ₦5,000, tí ohun tó kéré jù lórí áàpù sì jẹ́ ọ̀rá iyọ̀ ₦300, ẹnì kan á ra iyọ̀ náà lórúkọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn, á sì jẹ èrè tó ju ti oníyọ̀ lọ. Kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ríra ẹlẹ́ẹ̀kejì ni a ń sanwó lé lórí, pé kò gbọdọ̀ dín ní iye kan tó ju owó tí a fẹ́ san lọ, pé ó gbọ́dọ̀ wáyé lẹ́yìn ọjọ́ 14 ó kéré tán, kí wọ́n sì máa kó wákàtí títẹ̀ àti orúkọ áàpù tí ìpolówó ti jáde fún wa pẹ̀lú ìwé owó. Àwọn kan máa kọ̀ ọ́, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Kí olówó ọjà wo àwọn tó gbà á, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré lọ́dọ̀ wọn, kó sì dúró de ìparí oṣù méjì kó tó fi kún un.